Ṣíìtì tó ń ṣírò èròjà aṣaralóore inú abọ́ gbẹ̀gìrì kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kọ orúkọ èròjà tí ẹ fi se ọbẹ̀ náà sí òpó A, gíráàmù rẹ̀ sí B, kí ẹ sì kọ purotéènì, ọ̀rá àti kabọháídíréètì tó wà nínú 100 gíráàmù rẹ̀ sí C, D àti E. Iye abọ́ yóò wà ní H1. Ẹ tẹ èyí sí C22, kí ẹ fà á dé E22:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$B$20,C$2:C$20)/100/$H$1
```

Àmì $ ni kò jẹ́ kí B àti H1 yẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fà á. Bí ẹ̀wà gbígbẹ bá jẹ́ 500, tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 23, tí epo pupa kò sì ní rárá, àròpọ̀ yóò jẹ́ 115. Tí a bá pín in sí abọ́ 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní 11.5. Ẹ má ṣe kọ "500g" sínú B, nítorí ọ̀rọ̀ ni ṣíìtì yóò kà á sí, yóò sì fi òdo rọ́pò rẹ̀ láìkìlọ̀ fún yín.

Kọ́ńgò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà ní Bódìjà kò sọ gíráàmù fún wa, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀wà náà sórí ìwọ̀n kí ẹ tó sè é, kí ẹ sì lo iye ti ẹ̀wà gbígbẹ, torí pé omi tó ń wọ inú ẹ̀wà ń mú kí purotéènì inú 100 gíráàmù ẹ̀wà sísè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8.