Bí Mo Ṣe Yẹ Ìtumọ̀ Akẹgbẹ́ Mi Wò, tí Mo sì Fún Un ní Máàkì Tó Ṣeé Gbèjà

Iṣẹ́ náà jẹ́ ìwé pélébé kan lórí ìtọ́jú ọmọdé tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Akẹgbẹ́ mi ló túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ jẹ́ 800. Máàkì tó bá gbà ni wọn yóò fi pinnu bóyá ó lè máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ibikíbi tí mo bá ti yọ máàkì, ẹni kẹta gbọ́dọ̀ lè wò ó kó sì rí ohun tí mo rí.

Kí n tó ṣí ìtumọ̀ náà rárá, mo kọ́kọ́ kọ òfin ìdíwọ̀n sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Ìlànà MQM ni mo tẹ̀ lé, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ ìtumọ̀ wò mọ̀. Ó ya irú àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára bí àṣìṣe náà ṣe wúwo tó. Ẹ̀ka mẹ́rin péré ni mo lò: ìtumọ̀ tó yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó fo nǹkan, ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tí oníbàárà fọwọ́ sí, gírámà àti àkọtọ́, àti ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ tí kò bá òǹkàwé mu. Ní ti ìwúwo, àṣìṣe kékeré gba ojúàmì 1, ńlá gba 5, eléwu gba 25. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
maaki = 100 - (ojuami / iye_oro * 100)
```

Máàkì 95 ni ààlà àṣeyege. Mo fi òfin kan kún un: bí àṣìṣe eléwu kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò yege, iye yòówù kí máàkì rẹ̀ jẹ́. Bí èèyàn bá dúró dìgbà tó rí àṣìṣe kó tó pinnu bó ṣe wúwo, inú tó ń bí i lọ́jọ́ náà ni yóò máa díwọ̀n, kì í ṣe ìtumọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Yorùbá nìkan ni mo kọ́kọ́ kà láti òkè dé ilẹ̀, láìwo Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìyá tó fẹ́ lò ó yóò ṣe kà á nìyẹn, ibi tó bá sì ti kọsẹ̀ ni èmi náà ń fàmì sí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé méjèèjì síra, mo ń kà wọ́n ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Kíkà àkọ́kọ́ kì í fi ohun tí wọ́n fò hàn, torí gbólóhùn tí kò sí níbẹ̀ kì í kọ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ìgbà kejì ni mo rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n da omi oníyọ̀ tí wọ́n pò nù bó bá ti pé wákàtí 24, tí Yorùbá kò sì sọ ọ́ rárá. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí kòkòrò lè ti pọ̀ nínú omi náà, kí ìyá tún gbé e fún ọmọ lọ́jọ́ kejì.

Ìlà tó gba àkókò mi jù nìyí: «Ẹ má fún ọmọ lọ́mú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́.» Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ ni pé kí ẹ *máa* fún un. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló bọ́, ẹni tó bá sì ń wo ohun tó fà á nìkan yóò kọ ọ́ sábẹ́ àkọtọ́, yóò fún un ní ojúàmì 1, yóò kọjá lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí òǹkàwé yóò rí gbà láti inú gbólóhùn náà ni a fi ń mọ ẹ̀ka rẹ̀, kì í ṣe bí ọwọ́ ògbufọ̀ ṣe yọ̀. Ìyá tó bá ka «ẹ má» yóò mú ọmú kúrò lẹ́nu ọmọ tí omi ń gbẹ lára rẹ̀. Ẹ̀ka ìtumọ̀ ni mo fi sí, mo sì kà á sí eléwu.

Nínú ìwé kan náà, ó kọ «igba» níbi tó yẹ kó jẹ́ «ìgbà», nínú gbólóhùn tó ní kí wọ́n fún ọmọ lómi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yàgbẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò rò pé igba owó ni wọ́n ń sọ. Àmì ohùn náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà tún ara rẹ̀ ṣe lójú òǹkàwé, torí náà kékeré ni. Ó tún kọ «oun» dípò «ohun» ní ibi púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kà á fún máàkì, nítorí àìmọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó wà ni mo tọ́ka sí kó lè tún wọn ṣe. Kékeré méjì tó kù ni ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ sí ti oníbàárà, àti «1L» tó fi sílẹ̀ bó ṣe wà dípò «lítà kan».

Àwọn ibì kan wà tí èmi ì bá ti sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ó kọ «ọmọ ọwọ́» níbi tí èmi ì bá ti kọ «ìkókó». Kí n tó fàmì síbẹ̀, mo bi ara mi pé: òfin wo ló rú, tàbí kí ni òǹkàwé yóò ṣì lóye? Bí n kò bá rí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ó di ìfẹ́ ọkàn mi, ojúàmì rẹ̀ sì jẹ́ òfo. Mo ṣì lè kọ ọ́ bí àbá, níbi tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àṣìṣe.

Báyìí ni mo ṣe kọ àlàyé lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan: «Ìlà 14. Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa fún ọmọ lọ́mú. Ohun tó wà níbí ní kí wọ́n má fún un. Ìyá lè dá ọmú dúró. Àbá: Ẹ máa fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀ka: ìtumọ̀. Ìwúwo: eléwu.» Kò sí «ẹ kò fara balẹ̀» níbẹ̀. Ìwé ni mò ń yẹ̀ wò, n kò sì mọ bí ara akẹgbẹ́ mi ṣe rí lọ́jọ́ tó túmọ̀ rẹ̀.

Mo fún akẹgbẹ́ mi láyè láti fèsì kí máàkì tó fìdí múlẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan: gbólóhùn kan lórí oògùn síǹkì tí mo kà sí àṣìṣe ńlá pé ó fò ó. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí i hàn, gbólóhùn náà kò sì sí níbẹ̀. Inú ẹ̀dà tó dé lẹ́yìn náà ló wà. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìtumọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojúàmì rẹ̀ kò lè wà lọ́rùn akẹgbẹ́ mi. Mo fi í sílẹ̀ nínú tábìlì àwọn àṣìṣe, mo sì kọ «oníbàárà» sí iwájú rẹ̀.

Ìṣirò ìkẹyìn: kékeré mẹ́rin jẹ́ 4, ńlá kan jẹ́ 5, eléwu kan jẹ́ 25, àpapọ̀ 34. Tí a bá pín in sí 800, tí a sì sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, 4.25 ni. Máàkì jẹ́ 95.75. Ó kọjá ààlà, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò yege, nítorí ìlà 14. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: máàkì fi hàn pé ìyókù ìwé náà dára, ìdájọ́ sì sọ pé a kò lè pín in fún àwọn ìyá báyìí.

Mo tún kọ iye ọ̀rọ̀ tí mo yẹ̀ wò sí ẹ̀gbẹ́ máàkì náà. Àṣìṣe ńlá kan nínú ọ̀rọ̀ 100 fúnni ní 95. Òun kan náà nínú 1,000 fúnni ní 99.5. Nítorí náà mo sọ fún àwọn tó rán mi níṣẹ́ pé ìwé pélébé kan kò tó láti fi pinnu ibi tí agbára ògbufọ̀ mọ. Kí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi òfin kan náà díwọ̀n gbogbo rẹ̀.