Àgọ́ tí mo fi ń sá ata: lítà 18,000 ni, kì í ṣe 45,000

Fáànù tí wọ́n rà fún mi ló ń bí mi nínú títí di òní. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì èyí tí mo nílò lọ, bó bá sì ti tàn, kíá ló ń fa bátìrì sólà mi gbẹ. Ata ṣọ̀ǹbọ̀ ni mò ń sá nínú àgọ́ ọ̀rá. Bí oòrùn bá mú, omi á máa kán láti ara ọ̀rá sórí ata, ata á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Fáànù tó máa lé afẹ́fẹ́ olómi yẹn jáde ni mo rán wẹ́dà tó kọ́ àgọ́ náà.

Ìwọ̀n tó kọ sórí páálí ló kà fún Alájì tó ń ta fáànù: ìbú mítà 3, ẹ̀gbẹ́ mítà 2.5, gígùn mítà 6. Alájì fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀ lórí fóònù, ó rí 45, ó ní lítà 45,000 ni, ó sì gbé fáànù 375 L/s kalẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fẹ́ lítà 375 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ìṣirò ò ń purọ́."

Ìṣirò ò ń purọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgọ́ mi kì í ṣe yàrá. Iwájú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹ̀ nílẹ̀, ó sì pàdé lókè. Ìdajì àpótí tí ìbú àti gíga rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba ni ojú onígun mẹ́ta máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pín in sí méjì kí a tó fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀. Alájì ò pín nǹkan kan.

Èyí tó dá mi dúró jù ni 2.5 yẹn. Wẹ́dà ní gíga ni. Mo ní gíga kọ́, ara irin tó dagun láti ilẹ̀ dé òkè lo gbé téèpù lé. Ó ní ṣebí òkè náà ló dé. Àríyànjiyàn yìí gba gbogbo ọ̀sán mọ́ wa lọ́wọ́. A ò sì lè na téèpù sílẹ̀ tààrà láàárín, torí àwọn pẹpẹ ata ló wà níbẹ̀. Mo so nọ́ọ̀tì kan mọ́ òwú, mo so òwú náà rọ̀ láti irin òkè níbi ẹnu ọ̀nà, mo jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ títí kò fi mì mọ́, mo wá wọn òwú náà. Mítà 2 géérégé ni.

Kí ó má bàa ní òwú ló fà, mo ṣe é lórí ìwé pẹ̀lú. Ìdajì ìbú jẹ́ 1.5, irin tó dagun sì jẹ́ 2.5:

```
2.5 × 2.5 = 6.25
1.5 × 1.5 = 2.25
6.25 − 2.25 = 4
√4 = 2 m
```

Ó dákẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ìyókù ò gba àkókò:

```
½ × 3 × 2 × 6 = 18 m³
18 × 1000 = 18000 L
```

Ẹnì kan ní ọjà tún fẹ́ kí n fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, torí sẹ̀ǹtímítà 100 ló wà nínú mítà kan. Gígùn nìkan nìyẹn. Lítà kan ni àpótí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Mẹ́wàá irú rẹ̀ ló máa wọ gígùn mítà kan, mẹ́wàá ìbú, mẹ́wàá gíga, àpapọ̀ 1,000. Ẹ wo táńkì oníke funfun tí wọ́n fi irin ká, èyí tó ń gba lítà 1,000: ó ju mítà kan lọ díẹ̀ ní gígùn àti gíga. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé lítà 100 ló wà nínú irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú àgọ́ pààrọ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 120. 18,000 pín sí 120 jẹ́ 150, nítorí náà fáànù 150 L/s tó mi. Èyí tí wọ́n gbé fún mi ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 48, ooru tí oòrùn kó jọ sì ń bá a lọ.

Tí tiyín bá ní ògiri kékeré lábẹ́ kí òrùlé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣírò apá ògiri yẹn lọ́tọ̀ bí àpótí, ẹ ò ní pín in sí méjì, kí ẹ wá rò ó pọ̀ mọ́ tòkè. Bí ọ̀rá bá sì rọ̀ wọnú, àyè inú dín kù díẹ̀, pẹpẹ àti ata náà sì ń gba tiwọn. Mi ò yọ wọ́n kúrò, torí kí fáànù lágbára díẹ̀ ju bó ṣe yẹ sàn ju kó kéré.

Alájì gbà á padà níkẹyìn, ó fún mi ní ti 150, ṣùgbọ́n ó yọ owó kúrò nínú ṣéńjì mi. Ó ní a ti ya páálí.