Ẹ má pa súwíìṣì ògiri mọ́ tẹlifíṣàn OLED lójú: àṣìṣe tó ń dá àpá sí ojú rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, yálà ní Táíwò n'Ílọrin tàbí ní Ọ̀fà, ẹni tó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ kì í wá rìmóòtù kiri. Súwíìṣì ara ògiri ló máa pa, tàbí kó pa jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo nǹkan kú lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹlifíṣàn àtijọ́ gba ìyẹn. OLED kò gbà á, àṣìṣe tí àwọn èèyàn kì í sì í fura sí nìyẹn.

Ojú OLED kò ní iná kan lẹ́yìn tó ń tàn sí gbogbo rẹ̀. Ẹyọ iná wínníwínní tó ju mílíọ̀nù 8 lọ ló wà lójú èyí tó jẹ́ 4K, kálukú ń tan tirẹ̀, kálukú sì ń gbó tirẹ̀. Èyí tó bá ń tàn kíkankíkan láti àárọ̀ dalẹ́ yóò gbó ṣáájú èyí tó dúdú. Bí lógò ìkànnì ìròyìn bá wà ní igun kan náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, agbára igun yẹn yóò dínkù. Ẹ ó yí sí bọ́ọ̀lù, ẹ ó sì máa rí òjìji lógò náà lórí pápá. Àpá tí à ń sọ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi àtúnṣe sínú rẹ̀. Lára tẹlifíṣàn LG, bí wákàtí tí ẹ fi wò ó bá ti pé 4 lápapọ̀, ó ń dúró de ìgbà tí ẹ bá fi rìmóòtù pa á. Ìgbà yẹn ni yóò wá wọn àwọn ẹyọ iná náà, tí yóò sì tún iye iná tó ń lọ sí wọn ṣe kí wọ́n lè tàn dọ́gba. Bíi ìṣẹ́jú 10 ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tún wà tó máa ń gbà tó wákàtí kan, ìyẹn nígbà tí wákàtí ìwòran bá pé 2000. Ojú tẹlifíṣàn dúdú nígbà méjèèjì, ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ wà nínú pílọ́ọ̀gì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tó ń tan tẹlifíṣàn láti aago 9 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Wákàtí 60 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Alaalẹ́ ni àtúnṣe kékeré náà tọ́ sí i, alaalẹ́ ni wọ́n sì ń já iná mọ́ ọn lẹ́nu. Kí oṣù 8 tó pé, wákàtí 2000 ti pé láìtún un ṣe rárá.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ fi rìmóòtù pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ẹ gbá irun, ẹ nu kílípà, ẹ ka owó. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá, ẹ lè wá pa jẹnẹrétọ̀. Bó bá jẹ́ pé iná ló lọ lójijì nígbà tí ẹ ń wò ó, kò burú. Nígbà tó bá dé, ẹ tàn án, ẹ fi rìmóòtù pa á, kí ẹ sì fi pílọ́ọ̀gì sílẹ̀ lára sítábíláísà.

Àwọn kan tún ń ṣe àṣejù lódì kejì. Wọ́n rí `Pixel Cleaning`, ìyẹn àtúnṣe tí a lè fọwọ́ tẹ̀, nínú `OLED Care` lára LG, wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń fọ gíláàsì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Sony kìlọ̀ nípa irú rẹ̀ lára tẹlifíṣàn tiwọn pé èyí tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, torí ó lè gé ẹ̀mí ojú tẹlifíṣàn kúrú. Èyí tó ń ṣe fúnra rẹ̀ tó.

Inú `OLED Care` kan náà lẹ máa rí `Screen Move`, tó ń sún àwòrán díẹ̀díẹ̀, àti `Adjust Logo Brightness`, tó ń dín ìmọ́lẹ̀ lógò kù. Ẹ tan méjèèjì sílẹ̀. Ẹ yọ ipò àwòrán rẹ̀ kúrò lórí `Vivid`, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni gbígbó ṣe ń yá tó. Bí oòrùn bá ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ fa kọ́tìnì dípò kí ẹ máa fi kún ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìròyìn tó ní ọ̀rọ̀ tó ń sáré nísàlẹ̀ lẹ ń wò láti àárọ̀, ẹ yí ìkànnì lẹ́yìn wákàtí méjì.

Láti mọ̀ bóyá àpá ti wà, ẹ gbé àwòrán tó jẹ́ àwọ̀ eérú nìkan sójú rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa nìkan. Bí òjìji bá hàn, ẹ wo nǹkan mìíràn fún wákàtí mélòó kan, ẹ fi rìmóòtù pa á, kí ẹ sì dán an wò lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá pòórá, kì í ṣe àpá. Èyí tó bá dúró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ti gbó nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ẹnì kan bá ní òun máa fi oògùn nù ún, ẹ má san owó fún un. Ojú tuntun nìkan ló lè rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tẹlifíṣàn tuntun.