Bí A Ṣe Ń Dá Orin Rọ́ọ̀kì Mọ̀ Yàtọ̀ sí Pọ́ọ̀pù: Ẹ Kọ́kọ́ Tẹ́tí sí Gìtá

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ rọ́ọ̀kì kì í pẹ́ béèrè pé: kí ló sọ orin yìí di rọ́ọ̀kì tí wọn ò fi pè é ní pọ́ọ̀pù? Àwọn kan á ní ariwo ni. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló wà. Ariwo kò yanjú ẹjọ́ yìí, nítorí pọ́ọ̀pù mìíràn ń pariwo ju rọ́ọ̀kì lọ. Olórin náà kò yanjú rẹ̀, nítorí ẹnì kan lè kọ méjèèjì sínú àwo kan ṣoṣo. Ibi tí orin fẹ̀yìn tì ni kí ẹ wá. Pọ́ọ̀pù sábà máa ń fẹ̀yìn ti ohùn ẹni tó ń lé orin, tí ohun èlò yòókù á máa la ọ̀nà fún un. Rọ́ọ̀kì fẹ̀yìn ti gìtá oníná, ohùn ènìyàn á sì wá bá a níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ mú orin méjì láti inú àwo kan náà, kí ohùn olórin má bàa tàn yín. Èyí tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ènìyàn ni àwo Thriller tí Michael Jackson gbé jáde ní 1982. Quincy Jones ló darí iṣẹ́ náà. Ẹ mú "Billie Jean" àti "Beat It" nínú rẹ̀. Ẹ fi íàfóònù sétí, torí sípíkà fóònù máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì.

Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú "Billie Jean", ìlù ló kọ́kọ́ wọlé, béèsì sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí gìtá bá dé, ohùn rẹ̀ kéré, ó mọ́ gaara, ó kàn ń ta wínní-wínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn Michael. Tí ẹ bá fi ọkàn yọ ọ́ kúrò, orin náà dúró síbẹ̀. Nínú "Beat It", lẹ́yìn àwọn ohùn ẹ̀rọ tó ń dún bí agogo ńlá, gìtá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kúkúrú kan, ó sì ń tún un sọ. Michael ò tíì la ẹnu rárá tí gbogbo ayé ti mọ orin tó ń bọ̀. Tí ẹ bá yọ gìtá yìí kúrò, ẹ ti wó orin náà nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní béèsì "Billie Jean" náà ń sọ gbólóhùn tí kò ṣeé gbàgbé. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ tó kàn fi ṣe pàtàkì jù: ẹ tẹ́tí sí bí ohùn náà ṣe há.

Gìtá oníná kò lè dá dún sókè. Ámpù ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Tí wọ́n bá ti iná gìtá sínú ámpù ju èyí tó lè gbà lọ, ámpù á gé orí ìgbì ohùn náà, ohùn mìíràn tí okùn gìtá ò dá á ní á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí rẹ̀. Ohùn á nípọn, á há, á sì pẹ́ kó tó kú. Àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é kò rí i bí àbùkù. Ní 1964, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks fi abẹ fa awọ sípíkà ámpù rẹ̀ ya kó lè rí irú ohùn yẹn, òun ni wọ́n sì fi ṣe "You Really Got Me".

Híhá yìí ló tún pinnu ohun tí ọwọ́ olórin ń tẹ̀. Ẹ jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ tẹ dó, mí àti só pọ̀. Ó dùn, ó kún. Mí yẹn ló ń sọ fún etí bóyá orin ń yọ̀ tàbí ó ń káàánú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba inú ámpù tó há, àwọn ohùn àfikún yẹn á máa kọlu ara wọn, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú. Nítorí náà ni onígìtá rọ́ọ̀kì ṣe máa ń fi mí sílẹ̀, tó ń tẹ dó àti só nìkan. Ẹ tẹ méjèèjì báyìí: ó le, kò yọ̀, kò sì sunkún. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin rọ́ọ̀kì nìyẹn.

Ìlù kì í sábà ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin: nínú orin méjèèjì yìí, ìlù tó ń dún "pá" bọ́ sórí èjì àti ẹ̀rin.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba "Beat It" sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ààlà rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù ti hàn jù. Quincy Jones ló fẹ́ orin rọ́ọ̀kì kan nínú àwo náà. Steve Lukather ló ta gìtá ìdí orin, ó sì kọ́kọ́ ta á gba inú àwọn ámpù Marshall ńláńlá. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fúnra rẹ̀, Quincy ní ó ti le jù, pé àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń lu pọ́ọ̀pù kò ní gbà á. Lukather tún un ta gba inú ámpù Fender kékeré kan. Gbólóhùn gìtá kò yí padà, híhá rẹ̀ ni wọ́n dín kù. Ẹ rí i pé ohun tí àwa ń fi etí wá yìí gan-an ni àwọn tó ṣe orin náà ń wọ̀n. Lẹ́yìn tí orin bá sì ti kọjá ìdajì, Michael dákẹ́, Eddie Van Halen gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú gìtá. Ìdájọ́ tèmi: rọ́ọ̀kì ni "Beat It", wọ́n kàn rọ̀ ọ́ níwọ̀n kó lè gba ẹnu ọ̀nà pọ́ọ̀pù wọlé ni.

Ohun kan wà tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà: wọ́n á ní tí ègbè bá ti rọrùn láti gbà, pọ́ọ̀pù ni. Ẹ gbọ́ "Smells Like Teen Spirit" tí ẹgbẹ́ Nirvana gbé jáde ní 1991. Ẹsẹ rẹ̀ rọlẹ̀, ègbè rẹ̀ bú jáde, ọmọdé lè gbà á. Kurt Cobain fúnra rẹ̀ sọ fún ìwé ìròyìn Rolling Stone ní 1994 pé orin pọ́ọ̀pù tó ga jù lọ ni òun fẹ́ kọ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè é ní pọ́ọ̀pù, nítorí gìtá tó ń ta dó àti só ní híhá ló gbé ègbè náà. Bí wọ́n ṣe to ẹsẹ àti ègbè kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò lórí orin ilé, ẹ wá Chapter One, àwo tí ẹgbẹ́ BLO gbé jáde nílẹ̀ wa ní 1973. Ènìyàn mẹ́ta péré ni wọ́n: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akins nídìí ìlù, Mike Odumosu lórí béèsì. Nítorí pé wọn ò pọ̀, etí tètè ń rí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ìlù wọn ń rìn ìrìn tiwa, ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú. Gìtá ni kí ẹ máa bá lọ. Ní gbogbo ibi tí ohùn ènìyàn bá ti dákẹ́, ẹ wò ó bóyá orin náà ń dúró dè é, tàbí ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn.