Fìlà tó ń tà jù ló ń jẹ mí lówó

Búbù àdìrẹ àti fìlà gọ̀bì ni mo ń tà lórí ìkànnì ọjà kan, láti ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Gbági níbí n'Ìbàdàn. Odidi oṣù kan ni mo fi sanwó ìpolówó lórí méjèèjì. Fìlà ń tà wàràwàrà, 40 ló lọ; búbù, 15 péré. Síbẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ padà lọ kó ọjà, owó ọwọ́ mi kò tó.

Mo mú ìwé, èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó. A kọ́kọ́ ṣírò ohun tó ń kù lórí fìlà kan ká tó mẹ́nu kan ìpolówó rárá. ₦6,000 ni mo ń tà á. ₦3,200 ni mo rà á, páálí tí mo fi ń dì í jẹ́ ₦300, ìkànnì sì ń yọ ₦600 tirẹ̀. Ó ku ₦1,900. Bí ìpolówó bá gbà ju iye yẹn lọ kí fìlà kan tó tà, owó ara mi ni mo ń fi kún un fún oníbàárà.

Ìpolówó fìlà gba ₦88,000. A pín in sí 40, ó jẹ́ ₦2,200. ₦300 ni mo ń sọ nù lórí fìlà kọ̀ọ̀kan, ₦12,000 lóṣù kan ṣoṣo! Ó dùn mí gan-an, torí fìlà yìí ni mo fi ń yangàn.

Ó wá kan búbù. Lẹ́yìn aṣọ, owó télọ̀, páálí àti owó ìkànnì, ₦4,200 ló ń kù fún mi. Ìpolówó rẹ̀ gba ₦42,000. Ojú fóònù ní ẹni 18 ló rà á, ó sì kọ ₦2,333 sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mẹ́ta padà wá nítorí pé kò bá wọn mu. Ẹni tó dá ọjà padà gba owó rẹ̀, owó ìpolówó tó gbé e wá kì í padà. Nítorí náà, 15 tó dúró ni mo fi pín in, ó di ₦2,800. ₦1,400 ṣì ń kù.

"Àǹtí mi, ẹ ò rí i?" ni àbúrò mi wí. "Ìpolówó búbù ló wọ́n jù, òun náà ló ń jèrè."

Mo dá ìpolówó fìlà dúró, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́sàn-án ṣì tà láìsan kọ́bọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn kan nínú 40 yẹn ì bá ti rà á bí n kò tiẹ̀ polówó.

Lẹ́yìn náà mo di fìlà méjì pọ̀ ní ₦11,500, mo sì polówó ìyẹn. Kí n tó yọ owó ìpolówó, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,650. Ìpolówó gun òkè sí ₦2,900 lórí àdìpọ̀ kan, ₦750 ló sì kù. Kò pọ̀, àmọ́ mo fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Lálaalẹ́ Sátidé ni mo ń tún un ṣírò.