Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà ínfọ́ìsì yín

Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe wa l'Ékìtì, tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá jẹ yín lówó, ẹ̀bẹ̀ nìkan ò tó nínú lẹ́tà. Ẹ kọ nọ́ńbà àti déètì lẹ́tà tí wọ́n fi gbéṣẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ so ìwé ẹ̀rí pé ọjà dé mọ́ ọn. Ká ní àga 200 ni iṣẹ́ náà, tí ìwé ẹ̀rí sì kọ 180, owó 180 ni kẹ́ ẹ bèèrè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka akáǹtì wọn á dá a padà.

Òfin ìrajà ìjọba ti 2007, abala 37, ní tó bá ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi ínfọ́ìsì sílẹ̀, owó náà ti pẹ́, èlé inú àdéhùn yín sì kàn án. Òǹtẹ̀ àti déètì orí ẹ̀dà ọwọ́ yín ló máa fi ọjọ́ náà hàn.