Àkàrà, gaàrí àbí adìẹ: bí a ṣe ń fi wọ́n wéra kí owó tó jáde lápò

Bí ẹ bá fẹ́ mú òwò kan nínú mẹ́ta yìí, ẹ pín ojú ìwé kan sí òpó mẹ́rin: owó ìbẹ̀rẹ̀, àkókò tí iṣẹ́ náà ń gbà, ewu, àti ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ máa wọlé. Ìwé ọmọ iléèwé tó ti gbó ti tó. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí ẹ ó pa nǹkan rẹ́.

Òpó àkọ́kọ́ ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n á kọ iye irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti tán. Kò tán. Owó ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ máa ná títí di ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ máa dọ́wọ́ yín.

Aládùúgbò mi kan ní Kábbà ra ogún òròmọdìyẹ bróílà. Ó ra àpò oúnjẹ méjì, ó ní kò sí ìyọnu mọ́. Ogún bróílà tí a fẹ́ tà lọ́sẹ̀ kẹjọ máa jẹ tó àpò mẹ́rin oníkílò 25, wọn kì í sì í mú kọ́bọ̀ wálé kí wọ́n tó tóbi. Oúnjẹ tán, owó tán. Ó ta adìẹ tí kò tíì kún ọwọ́ lówó pọ́ọ́kú.

Àkàrà ń mú owó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwìn. Ká ní ẹ ná 6,000 náírà sórí ẹ̀wà, òróró àti igi, ẹ sì ta 8,000. Èrè 2,000 wà nínú ìwé. Bí 3,000 bá jẹ́ àwìn, 5,000 ló wà lọ́wọ́, ẹ ò sì lè ra ẹrù àná padà. Nítorí náà, owó ọjọ́ méjì ni kí ẹ kọ sí òpó àkọ́kọ́. Èmi kì í ta àwìn fún ẹni tí mi ò mọ ilé rẹ̀.

Gaàrí wà láàárín àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí ẹ bá lọ ẹ̀gẹ́ títí ẹ ó fi yan án, ó tó ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ bá ẹni tó ni ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀gẹ́, torí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti hú u, ó máa ń dúdú nínú. Ẹ tún ka ọjọ́ ọjà: bí gaàrí yín bá gbẹ lọ́jọ́ kejì ọjà, ó di ọjà tó ń bọ̀. Igi ìdáná ni ẹ má gbàgbé.

Ewu, mo kàn máa ń bi ara mi pé: bí èyí bá bàjẹ́ lónìí, èló ló lọ? Àwo àkàrà kan, àbí ogún adìẹ?

Àkàrà ni aládùúgbò mi ń dín báyìí. Àpò oúnjẹ mẹ́rin ti wà nílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, òròmọdìyẹ ló kù tó máa rà.